Ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́: Kí ni ìlà YouTube ń sọ fún ẹni tó ń ya fídíò ọjà ní Johannesburg?

Ní ọjà Yeoville, lójú òpópónà Rockey ní Johannesburg, àwọn ará Kóńgò, Kamẹrúùnù, Sìmbábúwè àti Nàìjíríà jọ máa ń wá oúnjẹ ilé wọn níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà máa ń fẹ́ mọ ohun méjì: ta ló ń ta èlùbọ́, èló sì ni? Fídíò ló tètè ń dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, bí ẹni tó yà á bá jẹ́ kí olùwòran dé ibi tí ìdáhùn wà.

Ẹ jẹ́ ká fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká pe obìnrin tó yà á ní Ìyá Elélùbọ́. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àpẹẹrẹ lásán ni, àwọn iye inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó rọrùn láti ṣírò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé fídíò sórí YouTube rí yóò dá ìrísí rẹ̀ mọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni fídíò náà. Orin àti àmì ìkànnì rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, Ìyá Elélùbọ́ kí àwọn àgbà, ó kí àwọn ọmọdé, ó kí àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lókè òkun. Ó gbàdúrà fún gbogbo wọn. Ó ní kí wọ́n má gbàgbé láti tẹ bọ́tìnnì sọ́bùsikiráìbù. Ó ti di ìṣẹ́jú àáyá 42 kí olùwòran tó rí àpò èlùbọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ẹgbẹ̀rún kan èèyàn (1,000) ti ṣí fídíò náà. Ìyá Elélùbọ́ wo àròpọ̀ rẹ̀: ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 26 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wò ó. Ó rò pé ọ̀rọ̀ èlùbọ́ ti sú àwọn èèyàn. Ìlà tó wà nínú YouTube Studio sọ nǹkan mìíràn.

Ibi tí ìlà náà wà

Nínú YouTube Studio, ẹni tó ni fídíò á tẹ "Content", á yan fídíò tó fẹ́ wò, á wá tẹ "Analytics". Ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Key moments for audience retention" sí lórí. Àkókò inú fídíò ló wà nísàlẹ̀, láti òdo títí dé òpin. Iye àwọn tó ṣì ń wò ó, nínú ọgọ́rùn-ún, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kò yẹ kéèyàn máa wò ó ní wákàtí tí fídíò jáde. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì kí iye tó wà níbẹ̀ tó pé. Bí àwọn tó wo fídíò náà kò bá sì tíì tó ọgọ́rùn-ún, YouTube kì í ya àwọn àmì tó ń tọ́ka sí ibi pàtàkì sí i, nítorí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó bá kúrò lè mú kí ìlà náà já bí ẹni já sí kòtò.

Àmì àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn wò ni "Intro". Ó ń sọ ìdá àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí fídíò dé 0:30. Ti Ìyá Elélùbọ́ jẹ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣé 46 dára ni àbí kò dára? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé lọ bá ẹlòmíràn, wọ́n á ní "tìẹ ńkọ́, mélòó ni?" Ìyẹn kì í ràn wọ́n lọ́wọ́. Fídíò orin, fídíò ìròyìn àti fídíò ọjà kò fara jọra. YouTube fúnra rẹ̀ máa ń fi fídíò náà wé mẹ́wàá tó kẹ́yìn lórí ìkànnì kan náà tí gígùn wọn jọra, ó sì máa ń sọ bóyá ó ga ju bí ó ṣe máa ń rí lọ tàbí ó rẹlẹ̀. Ara ẹni lèèyàn ń bá díje níbẹ̀.

Gígùn fídíò náà ṣe pàtàkì gan-an. Nínú ètò Podcast and Chill, tí MacG bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg lọ́dún 2018, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ìdajì wákàtí wo fídíò oníwákàtí méjì, ìdá 25 péré ló wò nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó wo gbogbo fídíò oníṣẹ́jú méjì wo ìdá 100. Ta ló fún oníkànnì rẹ̀ lákòókò jù nínú àwọn méjèèjì?

Irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń fa iye wọ̀nyí jáde, ìyẹn YouTube Analytics API, máa ń pín fídíò kọ̀ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, bó ti wù kó gùn tó. Nínú fídíò Ìyá Elélùbọ́, ọ̀nà kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Nínú ti oníwákàtí méjì, ìṣẹ́jú àáyá 72 ló wà nínú ọ̀nà kan ṣoṣo, nítorí náà gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ti wọ inú ojú ìwọ̀n kan. Ẹni tó bá ń fi irinṣẹ́ yìí wo ìbẹ̀rẹ̀ fídíò gígùn kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Irínwó èèyàn tó dúró

Báyìí ni ìlà Ìyá Elélùbọ́ ṣe lọ. Nínú ẹgbẹ̀rún kan tó ṣí fídíò náà, 460 ló kù ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Nígbà tí èlùbọ́ fi jáde ní 42, wọ́n ti ku 400. Láti ibẹ̀, ìlà náà rọra ń sọ̀kalẹ̀: ní ìṣẹ́jú méjì, 360, ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, 300. Ó já díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, ó ku 220. Ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀, 180 ló kù. Lẹ́yìn náà ló já wálẹ̀ pátápátá.

Àṣírí ìlà yìí ni pé àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àkókò ìwòran gan-an. Ẹni tó bá ṣírò àyè náà, tó sì pín in fún iye èèyàn, yóò bá iye ìpíndọ́gba tí YouTube kọ sílẹ̀ pàdé. Ìdí nìyí tó fi ṣeé ṣe láti gé e sí méjì, ká wo apá tó wà ṣáájú èlùbọ́ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí a bá wo apá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú irínwó èèyàn tó rí èlùbọ́ náà fi wo ìyókù. Ìyẹn nínú ìṣẹ́jú méje tó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ kò sú ẹnikẹ́ni. Àwọn 600 tó lọ kò rí èlùbọ́ náà rárá.

Èyí ni ìyàtọ̀ tí iye ìpíndọ́gba máa ń bò mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 26 dà bí ẹni pé gbogbo èèyàn wo nǹkan bí ìdá mẹ́ta fídíò náà tó sì sú wọn. Ní òtítọ́, ọ̀pọ̀ kò wo nǹkan kan, àwọn díẹ̀ sì wo púpọ̀.

Iléeṣẹ́ Facebook ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ nípa bí àwọn tó tètè lọ ṣe lè yí ìṣirò padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ló hàn síta pé ilé iṣẹ́ náà kò ka àwọn tó wo fídíò fún ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mọ́ ọn nígbà tó bá ń ṣírò ìpíndọ́gba àkókò ìwòran. Ó yọ wọ́n kúrò nínú iye èèyàn, ìpíndọ́gba náà sì wú. Àwọn tó ń polówó ọjà bínú gidigidi.

Kí ló wà nínú rẹ̀ fún un?

Lọ́dún 2012 ni YouTube yí ètò tó fi ń dábàá fídíò fún àwọn èèyàn padà. Kí ó tó di ìgbà náà, iye ìgbà tí wọ́n ṣí fídíò ló jọba, àkọlé tó ń tan èèyàn jẹ sì ń jèrè. Láti ìgbà náà, àkókò tí èèyàn lò nídìí fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.

Ó tún kan owó tààrà. Kí ìkànnì tó lè máa gba nínú owó ìpolówó ọjà, ó gbọ́dọ̀ ní 1,000 èèyàn tó ṣe sọ́bùsikiráìbù, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Ọ̀nà mìíràn wà fún àwọn tó ń ṣe fídíò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Shorts, àmọ́ àkókò tí èèyàn fi ń wo Shorts bó ṣe ń yí ojú fóònù kì í wọ inú wákàtí 4,000 yìí.

Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Bí Ìyá Elélùbọ́ bá ń bá a lọ bó ṣe wà yìí, yóò nílò kí èèyàn ṣí fídíò rẹ̀ nǹkan bí ìgbà 98,700. Fún ẹni tó ń ya fídíò nígbà tí ọjà bá dá, ọ̀nà jìn.

Kí ni kó ṣe sí ìkíni?

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn Yorùbá tó ń ya fídíò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò kí èèyàn kó tó sọ̀rọ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Lórí rédíò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè kí gbogbo àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa bínú, nítorí ẹni tó ń gbọ́ ọ ti jókòó, rédíò ti wà lórí, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Olùwòran YouTube kò tíì jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló wà. Ó tẹ fídíò náà nítorí àkọlé tó ní "Iye tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Yeoville", fídíò mìíràn sì ń dúró dè é nísàlẹ̀. Àdúrà tí wọ́n ṣe fún un ṣáájú kí ó tó mọ̀ bóyá ibi tó ń wá ló dé, bí ẹni ń dá a dúró ló máa ń rí lára rẹ̀.

Ìlà náà lè fi èyí hàn láìsí àríyànjiyàn. Studio máa ń jẹ́ kéèyàn ya àwọn tó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tuntun. Bí àwọn tó ti mọ Ìyá Elélùbọ́ bá dúró nígbà ìkíni, tí àwọn àjèjì sì lọ níbẹ̀ gan-an, a jẹ́ pé ìkíni ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ àkọ́kọ́, orin ni kó kọ́kọ́ fura sí.

Kò di dandan kí ó sọ ìkíni nù. Kí àpò èlùbọ́ àti iye rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, kí ó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ó wá kí wọn. "Ẹ kú ọjà o" kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ọ̀rọ̀ sọ́bùsikiráìbù lè dúró títí olùwòran yóò fi rí ohun tó mú un dúpẹ́.

Fún èyí tó ti wà lórí YouTube, kò nílò láti yọ ọ́ kúrò. Nínú "Editor" tó wà ní Studio, ó lè lo "Trim & cut" láti gé ìṣẹ́jú àáyá 42 náà kúrò. Ojú ewé fídíò náà kò ní yí padà, iye ìgbà tí wọ́n ti wò ó àti ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní sọnù. Gígé nìkan ló lè ṣe níbẹ̀ o, kò lè gbé ìparí wá síwájú. Kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán ìlà àtijọ́ pamọ́ kí ó tó gé e, kí ó kọ ọjọ́ tó ṣe é sílẹ̀, torí tí wọ́n bá ti da ìgbà méjèèjì pọ̀, kò ní lè mọ ohun tí gígé náà ṣe.

Ìdá tó lè tan èèyàn jẹ

Ká ní ó gé e. Fídíò náà wá di ìṣẹ́jú méje àti ìṣẹ́jú àáyá 18. Àwọn tó kù ní ìṣẹ́jú àáyá 30 fò sókè láti 460 sí 600 nínú ẹgbẹ̀rún kan.

Irínwó tó máa ń dúró tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Igba (200) ni àlejò tuntun. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dúró lórí ohun tí igba yìí bá ṣe. Bí wọ́n bá lo ìṣẹ́jú méjì sí i kí wọ́n tó lọ, ìpíndọ́gba fídíò náà yóò di nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré ló fi lé sí i.

Ṣùgbọ́n bí ó bá wo ìdá tí YouTube kọ, yóò rí i pé ó kúrò ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 35. Inú rẹ̀ á dùn. Púpọ̀ nínú ìdùnnú yẹn wá láti inú pé fídíò náà ti kúrú sí i. Ẹni tó bá gé fídíò kù, ìdá rẹ̀ lè gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni wò ó pẹ́ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn máa wo iye ìṣẹ́jú àti ìdá pọ̀.

Bí igba àlejò náà bá lo ìṣẹ́jú mẹ́rin dípò méjì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìpíndọ́gba yóò sún mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, iye ìgbà tó nílò kí wákàtí 4,000 tó pé yóò sì wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 80,500. Nípa bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ tó dára kàn ń mú wọn wọlé ni. Ohun tó wà nínú ilé ló ń mú wọn jókòó.

Àwọn kan máa ń gbà á sí òdì. Wọ́n á gbé ibi tó dùn jù wá síwájú, wọ́n á pariwo pé "Ẹ dúró kẹ́ ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Yeoville!", ohun náà kò sì ní jáde títí di ìṣẹ́jú keje. Ìlà wọn máa ń ga ní 0:30, á wá já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Wọ́n kàn sún kòtò náà síwájú ni.

Òkè àti kòtò inú ìlà

Láàárín fídíò, ìlà lè gùn sókè. YouTube ń pe irú rẹ̀ ní "Spikes". Ó túmọ̀ sí pé àwọn kan padà lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí wọ́n fo ibòmíràn kí wọ́n lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlà fi lè kọjá 100 nígbà mìíràn.

Òkè kì í ṣe oríire nígbà gbogbo. Bí Ìyá Elélùbọ́ bá rí òkè kan níbi tó ti fi iye èlùbọ́, gaàrí àti ẹ̀gúsí hàn lórí páálí kan, ó lè jẹ́ pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé páálí náà kò pẹ́ lójú, wọn kò ráyè kà á. Kí ó padà wo fídíò náà fúnra rẹ̀, lórí fóònù kékeré, kí ó ka páálí náà sókè. Bí kò bá kà á tán kó tó kúrò, ó ti mọ ohun tí òkè náà ń wí.

Kòtò, ìyẹn "Dips", ni ti ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún níbi tí 80 èèyàn ti lọ. Níbẹ̀, Ìyá Elélùbọ́ pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ilé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn méjèèjì.

Ohun tí ìlà kò lè sọ

Ìlà náà ń sọ ibi tí wọ́n ti lọ. Kò sọ ìdí rẹ̀.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀kan lára ìdí tó yẹ kéèyàn rántí ni owó dátà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, àjọ tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè náà sọ pé dátà ti wọ́n jù, ó sì ní kí Vodacom àti MTN já owó rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2020, gígábáìtì kan fún ọgbọ̀n ọjọ́ ní Vodacom kúrò ní ráàǹdì 149, ó di 99. Ó dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò di ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń fi dátà tirẹ̀ wo fídíò nínú takisí kò ní sùúrù ẹni tó ń lo Wáí-fáì nílé, ìlà kan náà ló sì da àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà tí èèyàn gbà dé ibẹ̀ tún ń yí ìlà padà. Bí Ìyá Elélùbọ́ bá sanwó láti polówó fídíò náà, ọ̀pọ̀ tó bá rí i kò wá a, wọ́n á sì lọ kíákíá. Kí ó ya àwọn wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ kí ó tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́ láìnídìí. Bí YouTube bá bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá fídíò kan fún àwọn tí kò mọ Ìyá Elélùbọ́ rí, ìlà rẹ̀ sábà máa ń wá sílẹ̀. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ń wò ó dé òpin ti di díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ àjèjì. Ẹni tó bá yára gé fídíò bẹ́ẹ̀ lè ba èyí tó ń rin ìrìn rere jẹ́. Kí ó kọ́kọ́ wo iye èèyàn tó wọlé lọ́sẹ̀ náà.

Ó wá ku ìparí fídíò náà. Ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀, Ìyá Elélùbọ́ ní, "Ó dáa, ibi tí a máa dúró sí nìyí o, ẹ ṣeun gan-an." Èèyàn 180 ló ń wò ó nígbà náà. Nígbà tí fídíò fi tán, 80 ló kù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ìsọ̀ tí èlùbọ́ ti rọjú jù lọ ní ọjà náà.